Ṣíà 5,000 ni mo béèrè, kí ló dé tó fi jẹ́ 1,800 ni wọ́n rà?

*Ìbéèrè:* Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà ni mí, Lafẹ́nwá ni mò ń gbé. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, mo ní kí wọ́n ra ṣíà 5,000 fún mi lórí áàpù bọ́rókà mi, ní ₦25, torí ₦25 ni mo rí lójú fóònù. 1,800 péré ni wọ́n rà. Ọkọ mi kékeré tó wà ní Ìbarà ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà. Òun náà kọ ₦25, ó rí gbogbo 3,000 tó béèrè, wọ́n tún ṣírò rẹ̀ fún un ní ₦24.90. Nígbà tí mo wo CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíà wa sí, ní ọjọ́ Ẹtì, ṣíà mi ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ta ló tiẹ̀ ta ṣíà yẹn fún mi? Tó bá gba owó tí kò kó ṣíà sílẹ̀ ńkọ́?

*Ìdáhùn:* Ẹ kú làákàyè, màmá. ₦25 tí ẹ rí lójú fóònù, òwò tó ti kọjá ni. Ẹnìkan ti tà, ẹnìkan ti rà, áàpù wá gbé iye tí wọ́n fi parí rẹ̀ síwájú yín. Kò sọ bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń tà ní ₦25, kò sì sọ iye ṣíà tó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Ohun tó ń dáhùn ìbéèrè méjì yìí ni ìwé ọ́dà, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tó fẹ́ rà àti àwọn tó fẹ́ tà lásìkò náà, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye owó tó fẹ́ àti iye ṣíà tó ní.

Ẹni tó bá lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú yóò ná ọjà. Ìyá alásọ á wò ó lójú, á mọ̀ bóyá oníbàárà òun ni tàbí àlejò, ó sì lè ta aṣọ kan náà fún ẹni méjì ní owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ tó ń so olùrà mọ́ olùtà ní NGX, ọjà ṣíà wa ní Èkó, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Òfin méjì ló ń tẹ̀lé. Èkíní, ẹni tí owó rẹ̀ bá dára jù ló ṣíwájú: nínú àwọn tó ń rà, ẹni tó fẹ́ san jù, nínú àwọn tó ń tà, ẹni tó fẹ́ gba owó kékeré jù. Èkejì, bí owó ẹni méjì bá dọ́gba, ẹni tí ọ́dà rẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀rọ ló ṣíwájú. Kò sí ẹni ńlá, kò sí ẹni kékeré. Ọ́dà ṣíà 200 tó dé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan máa ń ṣíwájú ti ilé-iṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì tó dé ní ìṣẹ́jú kejì, bí owó wọn bá dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ to ọjọ́ náà bí ó ṣe lè rí, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin àti ọkọ yín kékeré lè hàn kedere.

Kí aago mẹ́wàá tó lù ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ẹ̀rọ ti ń gba ọ́dà, ṣùgbọ́n kò ní so ẹnikẹ́ni pọ̀. Ó ń kó wọn jọ ni. Nígbà tí ọjà bá wá ṣí, yóò wá iye owó kan ṣoṣo tí ṣíà tó pọ̀ jù lè gbà ti ọwọ́ olùtà bọ́ sí ọwọ́ olùrà, gbogbo àwọn tí wọ́n bá sì ṣe òwò ní ìṣísílẹ̀ yìí, iye kan náà ni wọn yóò san. Ká ní àwọn tó fẹ́ san ₦25 béèrè 6,000 lápapọ̀, 3,000 ọkọ yín kékeré wà nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ san ₦24.90 béèrè 3,000, àwọn tó fẹ́ san ₦24.80 sì béèrè 4,000. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà, 4,000 wà tí olówó rẹ̀ gbà láti tà ní ₦24.80, 5,000 wà ní ₦24.90, 3,000 sì wà ní ₦25.

Bí ẹ̀rọ bá mú ₦25, gbogbo olùtà ni inú wọn yóò dùn, ṣùgbọ́n 6,000 péré ni àwọn olùrà yóò gbà. Bó bá mú ₦24.80, olùrà yóò pọ̀, ṣíà 4,000 nìkan ni yóò sì wà nílẹ̀ fún wọn. Ní ₦24.90, àwọn tó gbà láti san iye yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ béèrè 9,000, àwọn tó gbà láti tà ní iye yẹn tàbí kó dín ní 9,000. Ibẹ̀ ni òwò ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ mú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ yín kékeré fi san ₦24.90 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦25 ló kọ. ₦25 tó kọ, ohun tó ń sọ ni pé, “Ẹ má ṣe gbà jù báyìí lọ lọ́wọ́ mi.” Kò túmọ̀ sí pé iye yẹn gan-an ni yóò san.

Lẹ́yìn ìṣísílẹ̀, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọ́dà bá wọlé ni ẹ̀rọ ń wò ó lójú ẹsẹ̀. Ṣíà 3,000 tí wọ́n fẹ́ tà ní ₦25 ṣì wà nílẹ̀. Ká ní ẹnìkan wá ra 1,200 nínú rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀. Òwò yẹn ló gbé ₦25 sójú fóònù yín. Àmọ́ nígbà tí ẹ máa fi tẹ bọ́tìnnì, ohun tó wà nínú ìwé ọ́dà ti di báyìí:

Àwọn tó ń tà
1,800 ní ₦25.00
3,000 ní ₦25.20
10,000 ní ₦25.50

Àwọn tó ń rà
4,000 ní ₦24.80
2,500 ní ₦24.70

Ọ́dà yín wọlé: 5,000, kò gbọdọ̀ ju ₦25 lọ. Ẹ̀rọ wo olùtà tí owó rẹ̀ kéré jù, ó bá 1,800 ní ₦25, ó so yín pọ̀. Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e, ₦25.20 ni. Ẹ ti ní kò gbọdọ̀ ju ₦25 lọ, nítorí náà ó dúró. 3,200 tó ṣẹ́kù kò sọnù. Ó lọ tò sí ìlà àwọn tó ń rà, iwájú gbogbo wọn ló sì dúró, torí pé ₦25 yín ju ₦24.80 wọn lọ.

Kí ló dé tí kò wá rí ẹni tà á fún un títí ọjà fi palẹ̀? Ó lè jẹ́ pé kò sí olùtà kankan tó gbà láti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ₦25 mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan dé lẹ́yìn yín tó kọ ₦25.10 fún 2,000. Ẹni yẹn yóò kọjá síwájú yín, bí ẹ tilẹ̀ ti dé kí ó tó dé, nítorí owó la kọ́kọ́ ń wò ká tó wo àsìkò. Bí olùtà kan bá wá gbé 2,000 wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò lọ. Èyí máa ń dun àwọn èèyàn, wọ́n á ní bọ́rókà ló ta àwọn nù. Bọ́rókà kò ní agbára lórí ìlà yẹn rárá.

Nígbà tí ọjà bá sì ti palẹ̀, ọ́dà ọjọ́ kan ti kú nìyẹn. Ẹ wo áàpù yín dáadáa: bó bá kọ `Day` sí ẹ̀gbẹ́ ọ́dà, ọjọ́ yẹn nìkan ló wà fún. Bó bá kọ `GTC`, yóò máa wà níbẹ̀ títí yóò fi rí olùtà, tàbí tí ẹ ó fi fagi lé e, tàbí tí gbèdéke tí bọ́rókà fún un yóò fi pé. Mo gbà gbọ́ pé `Day` ni tiyín.

Ṣé ẹ lè rí gbogbo 5,000 lọ́jọ́ náà? Ẹ lè rí i. Àwọn áàpù kan máa ń jẹ́ kéèyàn yan `Market`, tó túmọ̀ sí pé iye yòówù tó bá wà nílẹ̀ ni kí wọ́n rà. Ká ní ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó ra 1,800 ní ₦25, 3,000 ní ₦25.20, àti 200 ní ₦25.50. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦125,700 dípò ₦125,000, kí a tó ka owó iṣẹ́. ₦700 lórí owó tó tó bẹ́ẹ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n ìwé ọ́dà tó nípọn díẹ̀ nìyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà lórí ọjà wa tí ṣíà wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè bá 1,800 ní ₦25, kí olùtà tó tẹ̀ lé e sì wà ní ₦27. Ọ́dà `Market` kò ní bèèrè lọ́wọ́ yín kó tó rà á. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a dúró ni òfin pé owó ṣíà kò gbọdọ̀ lọ sókè tàbí wálẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́: bí ìparí àná bá jẹ́ ₦25, ₦27.50 ni òkè, ₦22.50 ni ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ń fi owó oṣù rà ni kó máa kọ iye tí kò fẹ́ kọjá, bí ẹ ti ṣe yẹn, kó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun má rí gbogbo ohun tí òun béèrè.

Ó ku bọ́rókà. Bọ́rókà yín kọ́ ló ta ṣíà fún yín. Aṣojú yín ni. Òfin kò gbà kí èmi tàbí ẹ̀yin gbé ọ́dà wọ inú ẹ̀rọ NGX fúnra wa, ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè ṣe é. Kí ọ́dà yín tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti wò ó pé owó wà nílẹ̀, ó sì ti ti owó náà pa kí ẹ má baà ná an sí ibòmíràn. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 1.35% lọ, ìyẹn ₦607.50 lórí ₦45,000 tí 1,800 yín jẹ́. Owó ìjọba àti ti àwọn alákòóso ọjà yóò lé e díẹ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ ló gbọdọ̀ hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé òwò tí yóò fi ránṣẹ́ sí yín, èyí tí áàpù ń pè ní `Contract Note`. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan.

Ohun kan wà tí àwa tí a wà ní Abẹ́òkúta ní láti mọ̀ nípa àsìkò. Àsìkò tí ọ́dà wọ inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe àsìkò tí ẹ sọ̀rọ̀. Áàpù máa ń gbé e lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, bí nẹ́tíwọ̀kì bá gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe òṣìṣẹ́ bọ́rókà lórí fóònù ní aago mẹ́wàá, tó wá tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ ní aago méjìlá, aago méjìlá ni ẹ dé. Bí irú èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ bèèrè àkókò tí ọ́dà wọlé lọ́wọ́ wọn. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, wọn kò lè sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ béèrè pé ta ló tà á. Ẹ kò ní mọ̀, ẹni náà kò sì ní mọ̀ yín. 1,800 yẹn lè ti ọwọ́ ẹnìkan wá, ó lè ti ọwọ́ èèyàn mẹ́rin wá. Kódà oníbàárà bọ́rókà yín kan náà lè ni. Ohun tó mú kí èyí má ṣe wu yín léwu ni iṣẹ́ tí CSCS ń ṣe, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀.

CSCS ni ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ṣíà gbogbo wa sínú kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì ń parí òwò lẹ́yìn tí ọjà bá ti so èèyàn méjì pọ̀. Ọdún 1997 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé ẹ̀rí lásán ló ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á gbé e lọ gbé e bọ̀, ẹni tó rà lè dúró fún oṣù kó tó rí ìwé tirẹ̀ gbà. Lónìí, kí ẹ̀rọ tó gba ọ́dà ẹni tó fẹ́ tà, ó ti ní láti hàn pé ṣíà náà wà nínú àkáǹtì onítọ̀hún ní CSCS. Ẹni tí kò ní 1,800 kò lè ta 1,800. Nítorí náà, ìbẹ̀rù yín pé olùtà á gba owó kó má kó ṣíà sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá a dúró.

Lẹ́yìn tí ọjà bá palẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo òwò ọjọ́ náà yóò lọ sí CSCS. Wọn kì í san owó òwò kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ṣe ìṣirò pé, bọ́rókà yìí, èló ni gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ rà, èló ni gbogbo ohun tí wọ́n tà? Bí wọ́n bá ra ₦6,200,000, tí wọ́n sì ta ₦5,500,000, ₦700,000 péré ni báǹkì tó ń ṣojú bọ́rókà náà yóò gbé jáde. Bí ọgọ́rùn-ún òwò ṣe di ìsanwó ẹyọ kan nìyẹn. Ti ṣíà kò rí bẹ́ẹ̀: àkáǹtì oníkálukú ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò tàbí fi í kún. Owó àti ṣíà a sì máa kọjá lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó kò bá wọlé, ṣíà kò ní jáde.

Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni èyí ń gbà. Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà ṣíà, ló dín in kù sí méjì ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ọjọ́bọ̀ ni ẹ rà, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ kìíní, Àbámẹ́ta àti Àìkú kò sí nínú rẹ̀, ọjọ́ Ajé ni ṣíà yín yóò wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí nǹkan kan ní ọjọ́ Ẹtì. Owó tí ẹ rí pé ó ti lọ, ọ̀dọ̀ bọ́rókà ló ṣì wà.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí àwọn alákòóso ọjà fi ń sáré láti dín ọjọ́ wọ̀nyí kù. Láàárín ìgbà tí wọ́n so òwò pọ̀ sí ìgbà tó parí, bọ́rókà kan lè wọ gbèsè. Ní àwọn ọjà kan, ilé ìparí-òwò máa ń dúró sáàárín: òun ló ń di olùrà fún gbogbo olùtà, òun náà ló ń di olùtà fún gbogbo olùrà, gbèsè ẹnikẹ́ni tó bá yẹ̀ sì di ti orí rẹ̀. Nítorí náà ó máa ń gba owó ìdúró lọ́wọ́ àwọn bọ́rókà, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń dúró fún òwò tí kò tíì parí, bí ewu bá sì pọ̀ sí i, owó náà á pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí ṣíà GameStop ń fò sókè ní Amẹ́ríkà, ilé ìparí-òwò ibẹ̀ kọ́kọ́ béèrè nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lọ́wọ́ bọ́rókà Robinhood kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n dín in kù nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n Robinhood ti ní kí àwọn oníbàárà òun má ra ṣíà náà mọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé wọ́n fẹ́ gbè sẹ́yìn àwọn olówó ńlá ni. Owó ìdúró ló fa á. Ọjọ́ iṣẹ́ méjì ni Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, wọ́n ti dín in kù sí ọjọ́ kan láti oṣù karùn-ún ọdún 2024. Lọ́dọ̀ tiwa, NG Clearing ló ń ṣe irú ìdúró-sáàárín yìí fún àdéhùn ọjọ́ iwájú, ìyẹn àdéhùn pé a ó rà tàbí tà ní ọjọ́ kan tó ń bọ̀, kì í ṣe fún ṣíà lásán tí ẹ rà yìí.

Ibi tí ewu yín wà gan-an, ọ̀dọ̀ bọ́rókà ni, màmá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ olùtà tí ẹ kò mọ̀. Mo ti rí oníbàárà tí áàpù rẹ̀ ń fi ṣíà hàn án fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà tó sì lọ wo CSCS, òfìfo ló bá. Bọ́rókà kan ti tà á láì bèèrè, ó ń fi owó rẹ̀ gbọ́ tara ẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ohun tí áàpù bọ́rókà sọ ṣe ẹ̀rí. Ẹ wo CSCS fúnra yín, bí ẹ ti ṣe ní ọjọ́ Ẹtì yẹn. Ẹ rí i pé nọ́ńbà fóònù yín tó wà lọ́dọ̀ CSCS ni èyí tí ẹ ń lò, kí àtẹ̀jíṣẹ́ lè máa dé bá yín nígbàkúùgbà tí wọ́n bá rà tàbí tà nínú àkáǹtì yín. Kí ẹ sì ní kí owó ṣíà tí ẹ bá tà máa lọ tààrà sí àkáǹtì báǹkì yín, kó má ṣe gba ọ̀dọ̀ bọ́rókà kọjá. Ọjà ní owó ìdáàbòbò kan fún ẹni tí bọ́rókà bá jẹ ní gbèsè tàbí tó lu ní jìbìtì, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ, kò sì kan ẹni tí owó ṣíà rẹ̀ kàn wálẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ wo CSCS lẹ́ẹ̀kan sí i. 1,800 ni kí ẹ bá níbẹ̀. Bí kò bá tíì sí títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kọ̀wé sí bọ́rókà, ẹ fi `Contract Note` Ọjọ́bọ̀ mọ́ ọn, ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tó dá a dúró. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má kàn pè wọ́n lórí fóònù. Bí wọn kò bá fèsì tó nítumọ̀, ẹ gbé ìwé kan náà lọ bá SEC.

Ní ti 3,200 tó kù, bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ fi ọ́dà náà sílẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, bí ọkọ yín kékeré ti ṣe, kí ẹ wà nínú ìṣísílẹ̀. Kí ẹ tó kọ iye owó, ẹ kọ́kọ́ ṣí ibi tí áàpù kọ `Market Depth` sí, kí ẹ wo ẹni tó ń tà, iye tó ń béèrè, àti iye ṣíà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.